Oṣù mélòó ló yẹ kí owó pajáwìrì mi tó, èmi tí mò ń dá tọ́ ọmọ méjì?

Ìyá Dámi (Òkè Àdó, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá. Èmi nìkan ni mò ń tọ́ àwọn ọmọ mi méjèèjì, ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9, obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 5. Tíṣà ni mí ní ilé ìwé aládàáni kan, 110,000 náírà ni mò ń gbà lóṣù, kò sí ibòmíì tí owó ti ń wọlé. Tó bá di oṣù kẹjọ tí ọmọ wà ní ọlidé, ìdajì ni wọ́n máa ń san.

Dámi ní ikọ́ fée. Lóṣù tó kọjá, ní nǹkan bí aago kan òru, mo gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń súfèé. Mo gbọn ìnhélà rẹ̀, ó ti tán. Ọmọ onílé wa ló fi ọ̀kadà gbé wa. Nígbà tá a dé ọsibítù, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san 30,000. Mo ní 85,000 lọ́wọ́ alájọ, àmọ́ fóònù rẹ̀ kò lọ. 4,200 ló wà ní báńkì. Àfi ìgbà tí mo yáwó lórí áàpù kan, kó sì tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi pé gbèsè wà lọ́rùn mi.

Mo wá gbọ́ lórí rédíò pé kéèyàn ní owó oṣù mẹ́fà nílẹ̀ fún pajáwìrì. Mo ṣírò rẹ̀: 110,000 lọ́nà mẹ́fà, 660,000 nìyẹn. 10,000 ni mo lè yọ lóṣù. Á gbà mí lọ́dún márùn-ún àtààbọ̀! Ṣé dandan ni kó tó bẹ́ẹ̀ ni?

Alhaja Onígàárì (Ọjà Wàsó)

Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi owó bébà jókòó tì lọ́dún márùn-ún fún? Ohun tí 100,000 ń rà kí wọ́n tó yọ ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ṣé ó tún lè rà á báyìí? Ra gàárì, ra ẹ̀wà, kó o kó wọn pamọ́. Tí ìṣòro bá dé, o ní oúnjẹ nílé. Tó bá sì wọ́n, o tà á.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun

Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló yẹ ká yanjú. Ẹ lọ sí wẹ́fíà, kí wọ́n bá yín bá a sọ iye tí á máa san lóṣooṣù.

Ìyá Dámi

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ ṣé sà. Ó máa ń fi 15,000 ránṣẹ́ nígbà míì. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ìyẹn kọ́ ni mo wá bi yín o.

Akápò (Sábó)

Ìyá Dámi, ẹ kú ìnira òru ọjọ́ náà. Mo ti ṣe akápò kóńpírétíìfù fún bí ogún ọdún, irú ìṣirò yìí sì ń kọjá lọ́wọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe oṣù mẹ́fà tí wọ́n sọ lórí rédíò ló jẹ́ ìṣòro, ohun tí ẹ sọ di ìlọ́po mẹ́fà ni. Owó tó ń wọlé lẹ mú. Owó tí ẹ ò lè ṣàì ná nígbà tí nǹkan kan ò bá wọlé ló yẹ kẹ́ ẹ mú. Bíi 15,000 bàbá wọn yẹn, òdo ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Tó bá dé, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìnáwó yín lóṣù síbí. Ẹ ya ilé gbígbé àti owó ilé ìwé sọ́tọ̀.

Ìyá Dámi

Oúnjẹ 42,000. Ọkọ̀ 9,000. Iná àti gáàsì 8,000. Oògùn Dámi 5,000. Fóònù 3,000. Màmá mi ní abúlé 4,000. Ṣọ́ọ̀ṣì 2,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 73,000. 144,000 ni owó ilé lọ́dún. Owó ilé ìwé jẹ́ 40,000 fún àwọn méjèèjì ní sáà kan, torí pé ìdajì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwa òṣìṣẹ́.

Akápò

Ó dáa. Owó ilé jẹ́ 12,000 lóṣù. Ilé ìwé jẹ́ 120,000 lọ́dún, ìyẹn 10,000 lóṣù. 55,000 tí wọn kì í san fún yín ní oṣù kẹjọ, tí ẹ bá pín in sí oṣù 12, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27,000 lóṣù. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe pajáwìrì rárá, torí ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ hàn lórí kàlẹ́ńdà. Àpò tiwọn ni kí wọ́n ní, lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé owó pajáwìrì òun kì í dúró, owó ilé àti owó ilé ìwé ló ń jẹ ẹ́.

Ká wá ní iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín lónìí, ẹ má gbọ̀ọ́. Ẹ ò ní wọkọ̀ lọ síṣẹ́ mọ́, ọkọ̀ á di 2,000. Oúnjẹ á wálẹ̀ sí 34,000, á le, àmọ́ ebi ò ní pa yín kú. Iná àti gáàsì 6,000, fóònù 2,000. Oògùn ọmọ ò gbọdọ̀ dín, 5,000. Mo fi 4,000 màmá síbẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ ò ní gé e. 53,000 nìyẹn. Ẹ fi owó ilé kún un, ó di 65,000. Iye yẹn lẹ máa sọ di ìlọ́po, kì í ṣe 110,000.

Oṣù mélòó wá ni? Iṣẹ́ yín ló máa sọ. Ilé ìwé aládàáni kì í sábà gba tíṣà láàárín sáà. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù kejì, lẹ́yìn Ọjọ́ Àjíǹde ló máa tó ríṣẹ́, tí kò bá sì ṣe é ṣe, ó di oṣù kẹsàn-án. Ìparí oṣù tó wọlé ló sì máa tó gba owó àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo rí sí i fún yín. 65,000 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 260,000.

Bàbá Tolú (Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Káfíńtà ni mí. Ìyàwó mi ti kú, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ ìlàpákó gé mi ní ìka méjì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni n ò fi ọwọ́ kan pákó. Ohun tí n ò ronú kàn tẹ́lẹ̀ ni pé ìnáwó mi kò wálẹ̀ bí Akápò ṣe wí yìí, ńṣe ló gòkè. Mò ń sanwó ọsibítù, mo tún ń sanwó fún ẹni tó ń dáná fún àwọn ọmọ, tó ń mú wọn lọ sílé ìwé. Àwọn tí wọ́n ń jẹ́ tọkọtaya, tí ọ̀kan bá ṣubú, èkejì á máa gbé e. Àwa ńkọ́?

Akápò

Bàbá Tolú, ẹ kú ewu. Òótọ́ lẹ sọ, ibẹ̀ ni òbí anìkàntọ́mọ fi yàtọ̀. Tóun fúnra rẹ̀ bá ṣàìsàn, owó dúró, ìnáwó sì gorí. Nítorí náà, Ìyá Dámi, ẹ fi 100,000 sí i, kó jẹ́ ti ọsibítù àti ti ẹni tó máa dúró ti àwọn ọmọ. Gbogbo rẹ̀ di 360,000. Ti Bàbá Tolú ò lè jẹ́ iye kan náà. Ẹni tí owó rẹ̀ kì í wọlé déédéé, tó jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀, oṣù mẹ́fà gan-an lè kéré fún un.

Nọ́ọ̀sì Arówómọ́lé

Ìnhélà ni tèmi. Kì í ṣe ìgbà tí kò bá fọ́n nǹkan kan jáde mọ́ la fi ń mọ̀ pé ó ti tán. Ìfọ́n 200 ló wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tó ní salbutamol. Ẹ wo ara rẹ̀, tí kò bá ní nọ́ńbà tó ń kà á, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àpótí náà ṣì lè máa fọ́n afẹ́fẹ́ jáde nígbà tí oògùn ti tán nínú rẹ̀, ẹ má tẹ̀lé gbígbọ̀n. Méjì ni kẹ́ ẹ máa ní nílé. Ẹ tún lọ bi àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nípa ètò tiwọn, ẹ bèèrè bóyá ọsibítù tó sún mọ́ yín wà lórí ìwé wọn, àti bóyá wọ́n ń sanwó ìtọ́jú ikọ́ fée. Tí wọ́n bá gbà, 100,000 Akápò yẹn lè dín.

Ìyá Dámi

Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n 360,000 ní 10,000 lóṣù, ọdún mẹ́ta ni. Ó ti dín ní ìdajì, ó ṣì jìnnà. Níbo ni mo sì máa tọ́jú rẹ̀ sí?

Akápò

Ẹ ti ní 85,000. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa fi san gbèsè áàpù yẹn tán ní ọ̀la, ẹ san án, torí èlé rẹ̀ yára ju ohun tí báńkì èyíkéyìí máa fún yín lọ. Èyí tó kù ni ìbẹ̀rẹ̀ 100,000. Ẹ kọ́kọ́ lé ìyẹn, ẹ má tíì ronú kan 260,000.

Níbi tí á wà: 20,000 nínú ilé, torí òru, àti torí pé gbogbo wa la rí i níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 nígbà tí kò sí owó náírà níta. Ìyókù nínú 100,000 náà, kó wà ní báńkì tí ẹ ti lè fi fóònù yọ ọ́ ní aago kan òru, àmọ́ kó má jẹ́ àkáǹtì tí owó oṣù yín ń wọ̀. Láti ọdún 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń san owó padà fún èèyàn tí báńkì bá wọ́lẹ̀, ń dáàbò bo owó tó tó mílíọ̀nù márùn-ún ní báńkì ńlá, mílíọ̀nù méjì ní báńkì kéékèèké. Alájọ ò ní irú ẹ̀ṣọ́ yẹn. Ó ń gba owó ọjọ́ kan lóṣù lọ́wọ́ yín, ó sì máa ń sùn lóru bíi tiyín. Ẹ máa fi kó owó jọ, kẹ́ ẹ gbà á ní ìparí oṣù, ẹ má fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bákan náà, ẹ má ka owó kóńpírétíìfù mọ́ ọn. A máa ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun téèyàn ní, àmọ́ oníduùró méjì àti ìpàdé ìgbìmọ̀ ló ṣáájú.

Alhaja, gàárì dára fún owó oúnjẹ, kò sẹ́ni tó ń ta á ní aago kan òru.

Alhaja Onígàárì

N ò ní kó tà á ní òru. Ṣé kì í ṣe oúnjẹ ni 34,000 nínú 65,000 yín yẹn? Tó bá ní gàárì àti ẹ̀wà oṣù méjì nílé, kí ló tún fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe?

Akápò

Ẹ mú mi níbẹ̀ o. Oṣù kan, mo gbà. Oṣù méjì, kòkòrò á bá wa pín ẹ̀wà.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun

Tí iṣẹ́ bá bọ́, ìdajì owó ilé ìwé ò tún bọ́ ni? Á di 80,000 ní sáà kan. N ò rí i nínú 65,000.

Akápò

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ ṣeun, ó fò mí ru. Ìyá Dámi, ṣé ẹ lè gbé wọn lọ sí ilé ìwé ìjọba fún sáà kan tàbí méjì? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, 360,000 dúró. Tó bá jẹ́ rárá, ẹ fi 80,000 lé e.

Ìyá Dámi

Kékeré lè lọ. Dámi ni n ò mọ̀, eruku àti tṣọ́ọ̀kì máa ń dà á láàmú, kíláàsì sì kún níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa lọ́jọ́ Ajé ná. Mo ti ra ìnhélà kejì lónìí.

Alhaja Onígàárì

Ẹ̀wà olóyin ṣì wà nílẹ̀ o. Wá kí n tó gbé e lọ sí Táákíẹ.