Pọ́fù-pọ́fù tí kò wú, àti omi tí mo fi pò ó

Ìyá Ìbejì
Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kọjá ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní kí n dín pọ́fù-pọ́fù fún ìsọmọlórúkọ kan, mo sì po kílò fúláwà méjì pẹ̀lú ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀ àti ṣíbí kékeré mẹ́fà yíìsì. Aago márùn-ún ìdájí ni mo dé e. Nígbà tí mo ṣí i ní aago méje, ibi tí mo fi í sí náà ló wà: ojú rẹ̀ ń dán, kò sí ihò kan ṣoṣo lára rẹ̀, bí mo sì ṣe bù ú ni ó ń ṣàn bọ́ láti ọwọ́ mi bí ẹ̀kọ mímu. Mo dín in bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn àlejò ti ń dé. Ó rì sí ìsàlẹ̀ òróró, nígbà tó sì léfòó, inú rẹ̀ wúwo, ó sì ki. Mo dá owó oníṣẹ́ padà. Yíìsì náà kò tíì kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára, omi gbígbóná ni mo sì fi pò ó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Kí ni mo ṣì ṣe?

Alásè Ìrọ̀lẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Yíìsì ayédèrú ni. Mo ti ra irú rẹ̀ rí, èyí tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá lọ́jà, kò sì wú rárá. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ́kọ́ da díẹ̀ sínú omi àti ṣúgà kí n tó fi kan fúláwà. Omi gbígbóná tí ẹ lò kò lè jẹ́ ẹ̀bi, nítorí pé ooru ni yíìsì fẹ́. Bí omi bá ṣe gbóná sí i ni yóò ṣe tètè wú sí i.

Bàbá Oníbúrẹ́dì
Ìdánwò tí Alásè sọ dára, kí gbogbo wa máa ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé bí omi bá ṣe gbóná sí i ni ó ṣe dára sí i. Ohun alààyè ni yíìsì. Ooru ń mú un ṣiṣẹ́ títí dé ibì kan, lẹ́yìn ibẹ̀, ó ń pa á ni. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe po omi yẹn?

Ìyá Ìbejì
Ìdajì omi híhó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ìdajì omi inú kórobá. Mo da yíìsì sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo rò ó, kí n tó dà á sórí fúláwà. Wọ́n ní ìdajì-ìdajì ni omi lọ́wọ́ọ́wọ́.

Bàbá Oníbúrẹ́dì
Ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ papọ̀. Omi híhó jẹ́ dígírì 100, omi inú kórobá nílé wa sábà máa ń wà ní nǹkan bí 28. Bí ẹ bá po ife kan pọ̀ mọ́ ife kan, ẹ óò rí 64. Abọ́ tútù lè fa díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, síbẹ̀ nǹkan bí 55 sí 60 ni yíìsì ti ń kú, nítorí náà ó ti kú kí ó tó fojú kan fúláwà yín. Omi inú fíláàsì tí ó ti sùn mọ́jú, tí ó ti rọ̀ sí bíi 85, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn: ìdajì-ìdajì rẹ̀ ṣì jẹ́ 56.

Ohun tí èmi ń ṣe ni kí n da ife kan omi híhó mọ́ ife mẹ́rin omi kórobá. Ìyẹn ń fún mi ní nǹkan bí 42, ó sì tó. Ẹni tí kò ní ohun èlò tí a fi ń wọn ooru, kí ó kán omi náà sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ jòjòló, ó dára. Bí ọwọ́ bá fẹ́ sá fún un, kí ó dúró.

Àbíkẹ́
Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà. Èmi náà ní irú ìṣòro yìí. Tèmi máa ń wú kún abọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mu òróró púpọ̀, ọwọ́ a sì máa kún fún ọ̀rá. Ṣé omi gbígbóná ló fà á?

Bàbá Oníbúrẹ́dì
Rárá, ọmọ mi, ọ̀tọ̀ ni tìrẹ. Bí ó bá ti wú, yíìsì ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Wo òróró rẹ, bóyá kò tíì gbóná tó nígbà tí o ń jù ú sí i, tàbí kí àpòpọ̀ náà ti ṣàn jù.

Ará Jọ́ọ̀sì
Ìyá Ìbejì, ìdàkejì tiyín ló ṣẹlẹ̀ sí mi nínú ọyẹ́. Omi inú táńkì ni mo fi pò ó, ó sì tutù débi pé ìka ń dùn mí. Lẹ́yìn wákàtí méjì kò tíì wú, mo sì ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà láti dà á nù nígbà tí ìyá ọkọ mi ní kí n dá a padà. Wọ́n bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ ńlá, wọ́n gbé abọ́ àpòpọ̀ náà lé e láàárín, wọ́n sì fi aṣọ bò ó. Kò tó wákàtí kan tí ihò wẹ́wẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀, a sì dín in lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ Ará Jọ́ọ̀sì ló mú kí n gbé ife mẹ́ta kalẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo fi ṣíbí kékeré kan yíìsì àti ṣúgà díẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti inú páálí kan náà tí mo lò lọ́jọ́ Sátidé. Omi fíríìjì ni ti àkọ́kọ́, omi tí Bàbá júwe ni ti ìkejì, ìdajì-ìdajì tèmi ni ti ìkẹta.

Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìfófòó ti bo ojú ife kejì, ó nípọn tó ìka kan, ó sì ń ta sánsán bí búrẹ́dì tútù. Nínú ife kẹta, yíìsì sùn sí ìsàlẹ̀ bí ẹrẹ̀, omi orí rẹ̀ ní àwọ̀ tíì tí a fi mílíìkì díẹ̀ sí, kò sì sí ìfófòó kankan. Mo fi í sílẹ̀ títí ó fi tutù pátápátá, mo sì tún fi ṣúgà kún un, síbẹ̀ kò jí. Ṣùgbọ́n ife omi fíríìjì, tí kò ṣe nǹkan kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ti ń fófòó kí wákàtí kan tó pé, bí ó ṣe ń gba ooru ilé sára. Òtútù kàn mú un sùn ni, omi gbígbóná mi ló pa á.

Ó dùn mí pé mo ti pe ẹni tó tà á fún mi ní onímàgòmágó.

Alásè Ìrọ̀lẹ́
Mo gbà, mà. Ṣùgbọ́n àǹtí mi máa ń da yíìsì gbígbẹ sínú fúláwà tààrà, wọ́n á sì fi omi tó gbóná ju ti Bàbá lọ pò ó, ó sì máa ń wú. Báwo nìyẹn?

Bàbá Oníbúrẹ́dì
Fúláwà tútù ló ń gba ìgbóná náà sára kí ó tó dé ara yíìsì, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ wọn fi ń bọ́ nínú rẹ̀. Èmi kò jẹ́ dán an wò pẹ̀lú omi ìdajì-ìdajì.

Ìyá Ìbejì, bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má dín in bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àpòpọ̀ náà tutù, ẹ po yíìsì mìíràn sínú ìdajì ife omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ dúró kí ó fófòó, kí ẹ wá fi ọwọ́ lù ú mọ́ àpòpọ̀ yẹn dáadáa, kí ẹ sì tún dé e.

Ìyá Ìbejì
Ṣé mo ní láti fi ṣúgà kún un bí mo bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbí èyí tó wà nínú àpòpọ̀ tẹ́lẹ̀ ti tó?

Bàbá Oníbúrẹ́dì
Ó ti tó, mà. Ìwọ̀nba bíńtín ni kí ẹ fi sínú ìdajì ife yẹn, kí ẹ lè rí i pé ó ń fófòó. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú àpòpọ̀, òun náà ń fà á sẹ́yìn.