Abẹ́rẹ́ eyín: akunnilóorun, apa-ìrora tàbí adíṣan?

Akínlàbí (Kétu): Ẹ jọ̀ọ́, kí la lè pe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún síni lẹ́nu kí wọ́n tó yọ eyín? “Akunnilóorun” ni mo kọ, ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, torí ẹni tí wọ́n gún kò sùn.

Ìyá Ràfíù (Àjàṣẹ́): Oorun kẹ̀! Eyín ìsàlẹ̀ tó ti jẹrà ni tèmi, lápá ẹ̀yìn. Ètè mi kú tipiri, itọ́ ń dà, n kò mọ̀. Dọ́kítà fọwọ́ kan eyín, mo lọgun. Ó tún un gún, mo tún lọgun. “Abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn” ni kẹ́ ẹ kọ.

Bọ́lájí (Sábẹ̀ẹ́): Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ibi tó bá ń ṣọyún máa ń kan bí ọtí kíkan ni, oògùn kì í sì í ráyè ṣiṣẹ́ níbi tó kan. Èmi fara mọ́ “apa-ìrora”.

Adéníyì (olùtọ́jú eyín, Àjàṣẹ́): Apa-ìrora ti lónílé: parasẹtamọ́ọ̀lù tí à ń gbé mì nìyẹn. Lidokéènì, oògùn inú abẹ́rẹ́ yìí, kò pa ìrora, ọ̀nà ló dí mọ́ ọn. Sódíọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, tó ń gba ojú ihò wẹ́wẹ́ wọ inú iṣan ìmọ̀lára ló ń ti ìrora síwájú títí dé ọpọlọ. Inú lọ́hùn-ún ni oògùn yìí ti ń dí ihò náà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la awọ ọ̀rá ara iṣan kọjá. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló lè là á nínú ara tó dá. Níbi tó kan, kò tó bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ nìyẹn, Bọ́lájí, ṣùgbọ́n kò tó láti fi dá ìyá lóhùn. Egungun eyín òkè fẹ́lẹ́, bí a bá gún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín, oògùn á rìn wọlé. Ti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn nípọn, nítorí náà apá ẹ̀yìn ẹnu lọ́hùn-ún, níbi tí iṣan ti ń wọnú egungun, la ń gún sí. Ibẹ̀ jìnnà sí ọyún, kò kan rárá! Ètè tó kú ń sọ pé abẹ́rẹ́ bá ojú ibi tó yẹ. Kò sọ pé inú eyín kú. Iṣan eyín tó wú ti yíwà padà, díẹ̀ báyìí ló ti ń fò sókè, àwọn ihò tí lidokéènì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí dí sì ti pọ̀ lára rẹ̀. Bóyá gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn, àwa náà ṣì ń jiyàn lé e. Èmi máa ń fi òwú tútù nini kan eyín kí n tó mú irin. Bó bá ṣì mọ̀ ọ́n lára, màá gún abẹ́rẹ́ tínrín sí agbede-méjì eyín àti egungun. “Adíṣan” ni tèmi.

Ìyá Ràfíù: Adíṣan! Ẹni tó bá gbọ́ ọ ládùúgbò wa á ní ẹ̀jẹ̀ ni kò lọ mọ́, pé wọ́n fẹ́ rọ òun lápá rọ òun lẹ́sẹ̀. Ṣé iṣan kan náà kọ́ ni?

Akínlàbí: “Amárakú” ńkọ́?

Bọ́lájí: Ìyẹn dún bíi májèlé, ẹ̀gbọ́n.

Akínlàbí: Màá ṣì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.