Lógò aláwọ̀ mẹ́ta fún òǹtẹ̀: ewé àti pupa ń di ọ̀kan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹni tó fẹ́ bá wa ṣe òǹtẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní dúdú àti funfun nìkan lòun ń fẹ́, kò gbọdọ̀ sí àwọ̀ eérú. Ewé tútù ló wà láàárín róbótó pupa nínú lógò wa, lẹ́tà yẹ́lò sì wà lórí pupa náà. Bí mo bá lo `Threshold` nínú GIMP, ewé àti pupa á jọ dúdú, torí ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo fi `Decompose` ya á sí RGB. Nínú `red`, ewé yọ dáadáa, àmọ́ lẹ́tà pòórá. Nínú `green`, lẹ́tà ló yọ. Ṣé kí n pa méjèèjì pọ̀ ni, àbí kí n tún un yà nínú Inkscape? Sẹ̀ǹtímítà 3 ni fífẹ̀ òǹtẹ̀ náà. Báwo ni ìlà funfun tó yí ewé ká ṣe gbọdọ̀ nípọn tó kí yíǹkì má baà dí i?