Pífọ́ọ̀tì ọjọ́ Mọ́ńdè mi ò yé mi mọ́, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, EURUSD ni mo ń tréèdì, mo máa ń fọwọ́ ara mi ṣírò pífọ́ọ̀tì látara ibi tọ́jà ga dé lánàá, ibi tó já dé àti iye tó fi pa:

```
P  = (H + L + C) / 3
R1 = 2P - L
S1 = 2P - H
```

Túsìdè sí Fúráìdè kò níṣòro, Mọ́ńdè ló ń dà mí láàmú. Fúráìdè ga dé 1.0920, ó já dé 1.0830, ó pa sí 1.0860, P jẹ́ 1.0870, R1 1.0910, S1 1.0820, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bùrókà mi ń ya àbẹ́là kékeré kan fún Sọ́ńdè, wákàtí bíi méjì péré ni (aago wọn ló fà á), ìyẹn ga dé 1.0868, ó já dé 1.0856, ó pa sí 1.0862. Ìyẹn ni ṣáàtì kà sí àná, mo wá fi ṣírò, R1 di 1.0868, S1 di 1.0856, pípù méjìlá péré ló wà láàárín wọn, ọjà fọ́ méjèèjì kí n tó jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ tán, sitọ́ọ̀pù mi sì lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Tákíè, tí bùrókà tiẹ̀ ń pa ọjọ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Niú Yọ́ọ̀kì, kì í rí Sọ́ńdè rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa lo Fúráìdè nìkan ni, àbí kí n da Sọ́ńdè pọ̀ mọ́ ọn, àbí kí n kúkú pààrọ̀ bùrókà?