Ọ̀rá omi méje ni mo mu, orí ṣì fọ́ mi: ṣé kí n bọ́ sórí ohun mímu àwọn eléré ìdárayá?

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń múra sílẹ̀ fún Maratọ́ọ̀nù Èkó. Láàárín ọ̀sẹ̀, bí ogójì ìṣẹ́jú ni mo máa ń sá, ara mi sì máa ń dá ṣáṣá. Eré gígùn ọjọ́ Sátidé ló ń dà mí láàmú. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo gbéra ní Sùúrùlérè, aago mẹ́sàn-án ni mo padà, oòrùn sì ti mú gan-an. Wọ́n ti sọ fún mi pé kí n má dúró de òùngbẹ, nítorí náà mo ń ra píọ̀ wọ́tà ní gbogbo ibi tí mo bá ti rí i. Ọ̀rá méje ni mo mu. Síbẹ̀, orí fọ́ mi títí di alẹ́, èébì ń gbé mi, òrùka ọwọ́ mi há pinpin. Ọ̀rẹ́ mi ní omi lásán kò ní agbára, àfi kí n máa ra ohun mímu oníyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn eléré ń mu. Owó rẹ̀ kò kéré. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Alága Bọ́ọ̀lù Àdúgbò:
Òótọ́ ni, Ìyá wa. Ẹ fi ahọ́n kan òógùn yín, iyọ̀ ni! Ohun tó jáde lára ló yẹ kí á dá padà. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù, ṣíbí iyọ̀ kan ni mo máa ń dà sínú ike omi kọ̀ọ̀kan, pajápajá kì í mú wọn.

Nọ́ọ̀sì Tó Ń Sáré:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Òrùka tó há yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ṣé ẹ ní òṣùwọ̀n nílé? Ẹ ṣé wọn ara yín kí ẹ tó jáde àti nígbà tí ẹ dé?

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́:
Mo wọ̀n ọ́n, ó tiẹ̀ bí mi nínú. Kìlógíráàmù 74 ni mo gbé jáde, 75 ni mo bá bọ̀. Mo ní kí wá ni mo ń sáré fún!

Nọ́ọ̀sì Tó Ń Sáré:
Ṣé ẹ tọ̀ lójú ọ̀nà?

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́:
Rárá.

Nọ́ọ̀sì Tó Ń Sáré:
Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìlàjì lítà ló wà nínú ọ̀rá kan, nítorí náà lítà mẹ́ta ààbọ̀ lẹ mu. Lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù kan. Ẹ sì fi kìlógíráàmù kan wúwo sí i, ìyẹn ni pé lítà méjì ààbọ̀ péré ni òógùn gbé jáde, lítà kan tó kù kò ríbi gbà. Ó ń bẹ nínú yín.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé omi àpọ̀jù yẹn ń la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Bí iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, omi á máa wọnú ara, ara á máa wú. Ìka á wú, ọpọlọ náà á sì fẹ́ wú, bẹ́ẹ̀ inú agbárí kò fẹ̀. Ibẹ̀ ni orí fífọ́ àti èébì ti ń wá. N kò lè fi ojú wo yín láti ibí kí n ní òun gan-an ni, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fìdí ẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ gbogbo àpẹẹrẹ yín ló jọ ọ́. Ní ọdún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 488 tó sá maratọ́ọ̀nù Boston wò. Iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù lára 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ohun tó sì fi wọ́n hàn jù lọ ni pé wọ́n wúwo sí i nígbà tí wọ́n parí eré.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an: ká ní ohun mímu eléré lẹ mu ní lítà mẹ́ta ààbọ̀, ọ̀ràn náà kò ní yàtọ̀ púpọ̀. Sódíọ̀mù ni èròjà inú iyọ̀ tí à ń sọ yìí; tinú lítà kan rẹ̀ kò ju bí ìlàjì gíráàmù lọ, nígbà tí tinú omi ẹ̀jẹ̀ lé ní gíráàmù mẹ́ta. Òun náà ń la ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ ṣe ń mu ún ní àmujù ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ mu nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, kí ẹ jáwọ́ nígbà tí ó bá tán. Kí ẹ fi bíi kìlógíráàmù kan fúyẹ́ nígbà tí ẹ bá dé, kò burú rárá.

Àǹtí Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Èmi ń lọ síbi ijó ìdárayá fún ìṣẹ́jú márùn-dín-láàádọ́ta kí n lè fọn díẹ̀, ìgò ohun mímu eléré kan ni mo sì ń mu níbẹ̀. Ọkọ mi náà ń mu ún nítorí ooru, òun sì wà lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó ń mú un tọ̀.

Nọ́ọ̀sì Tó Ń Sáré:
Àǹtí, omi lásán tó yín pátápátá. Nínú ìgò ìlàjì lítà irú ohun mímu bẹ́ẹ̀, ṣúgà inú rẹ̀ lè tó 30 gíráàmù, ẹ sì ń jó kí ẹ lè fọn! Iyọ̀ tí ẹ là jáde, ọbẹ̀ alẹ́ á dá a padà. Ti ọkọ yín, ẹ jẹ́ kí ó bi dókítà rẹ̀ kí ó tó tún mu òmíràn, nítorí oògùn tó ń mú ni tọ̀ lè ti dín sódíọ̀mù kù lára, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ máa ṣa iyọ̀ mu.

Ọmọ Èkó ní Houston:
Omi àgbọn ńkọ́? Ooru oṣù keje níbí kì í ṣe eré, gbogbo wa níbi ìdárayá ló ń mu ún.

Nọ́ọ̀sì Tó Ń Sáré:
Ó dùn, ẹ máa mu ún. Ṣùgbọ́n pọtásíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀, sódíọ̀mù sì ni òógùn ń kó lọ jù.

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́:
Ìgbà wo wá ni ohun mímu eléré wúlò? Ṣé kí n pa á tì ni?

Nọ́ọ̀sì Tó Ń Sáré:
Ẹ má pa á tì. Ogójì ìṣẹ́jú àárín ọ̀sẹ̀ yẹn, omi lásán ni. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti kọjá wákàtí kan ààbọ̀ nínú oòrùn, tàbí tí ẹ ṣe ìdárayá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láìjẹun dáadáa, ó wúlò. Ṣúgà inú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, torí ìyẹn lẹsẹ̀ á fi máa gbé yín lọ. Iyọ̀ ibẹ̀ ń jẹ́ kí omi dúró lára díẹ̀ sí i.

Ẹ lè pò ó nílé. Lítà omi kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a rẹ́ bọrọgidi, iyọ̀ ìdámẹ́rin ṣíbí tíì, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí ó bá dùn jù lẹ́nu, ẹ dín ṣúgà kù. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má dúró dọjọ́ ìdíje kí inú má baà rú yín. Alága, ẹ dákun, ṣíbí iyọ̀ odindi kan nínú ike omi kan ti pọ̀ jù. Ó lè mú àwọn ọmọ bì tàbí kí inú wọn ṣí.

Alága Bọ́ọ̀lù Àdúgbò:
Èmi á dín in kù. Àmọ́ ti pajápajá, mo fojú ara mi rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì Tó Ń Sáré:
Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ó rẹ iṣan ni, pàápàá nígbà tí ẹsẹ̀ bá sá ju bí ó ti mọ̀ lọ, torí pajápajá ń mú ẹni tí iyọ̀ ara rẹ̀ pé dáadáa náà.

Ọmọ Èkó ní Houston:
Aṣọ dúdú mi máa ń ní àbàwọ́n funfun bí mo bá parí eré. Ṣé tèmi yàtọ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Tó Ń Sáré:
Ó ṣeé ṣe. Iyọ̀ inú òógùn èèyàn kò dọ́gba, ẹlòmíràn ń là á ju ẹlòmíràn lọ fíìfíì. Ìwọ ni mo lè sọ fún pé kí o tètè bẹ̀rẹ̀ ohun mímu oníyọ̀ nígbà eré gígùn.

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́:
Mo máa ń lo oògùn ìrora ibupurofẹ́ẹ̀nì kí n tó jáde, nítorí orúnkún. Ṣé kò burú?

Nọ́ọ̀sì Tó Ń Sáré:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ eré gígùn. Ó lè mú kí kíndìnrín di omi mú, ìyẹn náà sì ń bu epo sí iná. Ẹ wá ẹni tó máa wo orúnkún yẹn. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí bì léraléra, tí ẹ ń sọ kántankàntan, tàbí tí gìrì mú yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da omi sí yín lẹ́nu o. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé yín lọ kíákíá, kí wọ́n sì sọ iye omi tí ẹ mu fún dókítà.