Ẹ gbà mí o, géèmù ti fẹ́ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi

Ìyá Dámi: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ọkàn mi ni ò balẹ̀. Nígbà ọdún Kérésì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àǹtí tó wà l'Ékòó, wá kí wa, wọ́n sì kó tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun fún ọmọ mi. Mo ní ẹ jẹ́ ká fi pamọ́ ná. Ni ìyá ọkọ mi bá dá sí i, wọ́n ní ṣé mi ò fẹ́ kójú ọmọ ọmọ àwọn là ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè fèsì. Ọkọ mi dákẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé.

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ tí mo bí kò mọ̀ mí mọ́. Tó bá ti ilé ìwé dé, kò ní kí èèyàn dáadáa. Oúnjẹ á tutù níwájú ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ní kó lọ fa omi, ó ní, "Mọ́mì, mi ò lè dá a dúró báyìí, wọ́n á pa mí." Àyà mi já! Mo sáré wọ yàrá, mo rò pé ẹnìkan ló ń halẹ̀ mọ́ ọn. Àṣé nínú géèmù ni. Mo gba nǹkan náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi ara ya ilẹ̀, ó sunkún títí ó fi sùn lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Àbí ta ló bí ẹnì kejì? Láyé tiwa, òkòtó àti ayò la ń ta, kò sẹ́ni tó pa wá.

Màmá Tèmi: Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, ṣé irú ayé ìgbà yẹn náà là ń gbé báyìí ni? Tèmi tilẹ̀ burú jù. Ọmọbìnrin mi ń wo àwòrán Kátúùnù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àfìgbà tí olùkọ́ ẹ̀ sọ pé kì í rí pátákó mọ́. Dọ́kítà ojú ní kó máa lo gíláàsì. Ẹ gbé ọmọ yín lọ fún àyẹ̀wò ojú kíákíá.

Ọ̀gá Wálé (Fóònù): Ìyá Dámi, ẹ kú ìdààmú. Kí n tó sọ̀rọ̀, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni? Géèmù wo ló ń ta? Ímeèlì ta ló wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì náà?

Bàbá Ṣeun: Kò tiẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́: wákàtí kan péré lójúmọ́ ni kí ọmọdé fi wo ojú ẹ̀rọ. Ẹ má ra dátà, gbogbo ẹ̀ á parí.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Bàbá Ṣeun, ẹ rọra. Ìmọ̀ràn tí WHO gbé jáde lọ́dún 2019, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló wà fún. Wákàtí kan yẹn, ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin ni. Wọn ò ka wákàtí fún ọmọ tó ti ń lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń bi àwọn òbí ni pé: ṣé ó ń sùn tó? Ṣé ó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé? Ṣé ó ṣì ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣeré níta? Ohun tí géèmù ń jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa fi mọ iye tí a máa gé kúrò.

Bàbá Ṣeun: Wákàtí kan náà kúkú ni mo sọ.

Ìyá Dámi: Ẹ ṣé o. Ẹ má wò ó pé mi ò kì í bójú tó ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Dámi. Call of Duty: Mobile ló ń ta. Mo sì yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó jẹ́ kó gbé e sórí ẹ̀! Wọ́n kọ 4 àti díẹ̀ síwájú ẹ̀, mo ní ọmọ mi ti ju ọdún mẹ́rin lọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ojú kọ́ ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì: Haa!

Ọ̀gá Wálé (Fóònù): Ìyá wa, ẹ má tijú, ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ lẹ kà. Bí àwọn tó ti lò ó ṣe gbádùn ẹ̀ sí nìyẹn, kò bá ọjọ́ orí tan. Ẹ padà sí ojú ìwé géèmù náà nínú Play Store. Lábẹ́ orúkọ ẹ̀, ẹ ó rí ìràwọ̀, ẹ ó rí iye èèyàn tó ti gbà á, lẹ́yìn náà ni àpótí kékeré kan tó ní nọ́ńbà àti àmì àròpọ̀ lẹ́yìn. Lọ́dọ̀ wa níbí, 16+ ló wà lórí tiyín. Tẹ àpótí náà, á sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

Àǹtí Houston: Ọ̀gá, ẹ yé ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó níbí ni, Mature 17+ ló wà níbẹ̀. Ọdún kan kì í ṣe ohun kékeré lọ́rọ̀ ọmọdé.

Bàbá Ṣeun: Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà náà! Gbogbo nǹkan yín lẹ máa ń fẹ́ kó yàtọ̀.

Ọ̀gá Wálé (Fóònù): Ẹ̀yin méjèèjì, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ṣe géèmù á dáhùn ọ̀wọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ohun tó wà nínú ẹ̀: ìjà, ẹ̀jẹ̀, èébú, ìhòòhò, tẹ́tẹ́. Ètò tí wọ́n ń pè ní IARC á wá fi ìdáhùn yẹn ṣírò nọ́ńbà fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. ESRB ni ti Amẹ́ríkà, PEGI ni ti Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Àwa tí a ò ní àjọ tiwa nínú ẹ̀, nọ́ńbà gbogboogbò la ń rí: 3, 7, 12, 16, 18. Yálà 16 ni o, 17 ni o, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò sí níbẹ̀.

Ẹ sì má rò pé nọ́ńbà yẹn sọ gbogbo ẹ̀. Kì í sọ bí géèmù ṣe le tó, kì í sì í ka ẹni tí yóò bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Ìyẹn ló fi yẹ kẹ́ ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké abẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí Users Interact, àjèjì lè bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí In-app purchases, owó lè jáde.

Bàbá Ṣeun: Èyí jóòótọ́. Dísíìkì bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ṣeun láti Lọ́ńdọ̀nù, 3 gàdàgbà ló wà níwájú ẹ̀. Mo ní kò séwu. Àṣé páàkì tí wọ́n ń ṣí láti wá agbábọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀, èèyàn ò sì mọ ẹni tó máa bá níbẹ̀ kó tó sanwó. Káàdì mi ló fi ń rà á. Nígbà tí mo yí èèpo ẹ̀ padà, wọ́n kúkú kọ ọ́ sẹ́yìn.

Màmá Tèmi: Ìyá Dámi, ṣé ẹ ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà ojú?

Ìyá Dámi: Ojú ẹ̀ ò dùn ún, mà. Ọ̀gá Wálé, ẹnìkan ní kí n lo Family Link, áàpù Google tí òbí fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ ọmọ. Mo gbé e sórí fóònù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ fi Dámi sí i, kò gbà. Ó ń sọ̀rọ̀ bíi pé àgbàlagbà ni. Mo ní nǹkan yìí ò ṣiṣẹ́, mo yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀gá Wálé (Fóònù): Ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè mi kẹta. Ímeèlì ta ló wà lórí ẹ̀?

Ìyá Dámi: Ti Dámi ni. Àǹtí ló bá a ṣí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Wọ́n ní nígbà tí àwọn fi ọdún tí wọ́n bí i sí i, ó ń béèrè òbí, ó ń dá àwọn dúró. Ni wọ́n bá fi 1998 sí i kó lè yá.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Olúwa mi.

Ọ̀gá Wálé (Fóònù): Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Lójú Google, ọkùnrin tó ti tó gbéyàwó ló ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì yìí. Kò ní fi géèmù kankan pamọ́ fún un, kò sì ní gbà kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ bí ọmọ kékeré. Family Link ò bàjẹ́, ọjọ́ orí ni wọ́n parọ́ ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ kó fọ́tò tó wà lórí ẹ̀ pamọ́. Ẹ wọ Settings, ẹ yọ ímeèlì náà kúrò, lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nu gbogbo ẹ̀ láti inú Settings kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọkùnrin kankan lójú títì fi bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ nù ún fún yín, torí tí ímeèlì yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, á máa béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé tí Àǹtí nìkan mọ̀ nígbà tó bá tàn padà. Mo ń rí èyí ní ṣọ́ọ̀bù mi dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi Family Link orí fóònù yín ṣí ímeèlì tuntun fún Dámi, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí i gan-an. Ìyẹn lẹ máa fi tan tábúlẹ́ẹ̀tì. Nínú ètò Play Store ẹ̀, ẹ mú 7+, kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ohunkóhun tó bá fẹ́ gbé wọlé. Ẹ ṣe é kí ohunkóhun tó wọ ibẹ̀, torí àlà yẹn kì í lé géèmù tó ti wà lórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa fọwọ́ tì í.

Bàbá Ṣeun: Tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i láti fóònù ọ̀rẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni géèmù mìíràn tí Ṣeun ń ta ṣe wọlé, kò sí Play Store níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà.

Ọ̀gá Wálé (Fóònù): Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ààyè kan wà nínú Family Link fún ohun tó wá láti ibi tí a ò mọ̀. Ẹ má ṣí i. Ọ̀rọ̀ dátà tẹ́ ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan, kì í dá géèmù tí kò nílò ẹ̀ dúró. Pàápàá, tí tábúlẹ́ẹ̀tì ò bá ní dátà, àyípadà tuntun tí ìyá ẹ̀ bá ṣe lórí fóònù kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ìyá Dámi: Àkókò wá ńkọ́? Ọkọ mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èmi ní kó má tà á rárá láàárín ọ̀sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ẹ̀yin méjèèjì ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò níkọ̀kọ̀, torí ọmọ á máa lọ bá ẹni tó rọ̀ jù. Èmi ò ní fún yín ní nọ́ńbà. Àmọ́ "wọ́n á pa mí" tó sọ yẹn, ó ní ìtumọ̀. Irú géèmù tí èèyàn mìíràn wà nínú ẹ̀ kì í dúró de ẹnìkan, tó bá fi í sílẹ̀ láàárín, ó pàdánù nìyẹn, ó sì já àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kulẹ̀. Nílé mi, ìdíje la ń kà. Méjì lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ìwé, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ òmíràn tí agogo méje bá ti lù. Tí mo bá fẹ́ rán an níṣẹ́, màá bi í pé mélòó ló kù kó parí. Ìjà wa dín kù, kò tán.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ń bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án dúnàádúrà. Ẹ kú iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ẹ ṣeun mà.

Ìyá Dámi: Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Mo ti ṣe é lálẹ́ àná. Mo fún un ní wákàtí kan láàárín ọ̀sẹ̀, méjì lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ń tì fúnra ẹ̀ tó bá di agogo mẹ́jọ alẹ́. Dámi sunkún pé ipò tí òun ti dé nínú géèmù ti ṣòfò. Mo ṣàánú ẹ̀, mi ò lè parọ́. Àǹtí ti pè láti Èkó, wọ́n ní ta ló ní kí n pa ohun tí àwọn ṣe rẹ́. Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ fún wọn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo gbọ́ ìbọn nínú yàrá ìyá ọkọ mi. Mo wọlé, mo bá òun àti Dámi lórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù Màmá ló wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀gá Wálé (Fóònù): Ímeèlì ta ló wà lórí ìyẹn?