Wọ́n ní èmi ni máa gbé ife sókè fún àbúrò mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Kí ni kí n sọ, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Ìyàwó: Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó ní Ìsánlú. Wọ́n ti kọ orúkọ mi sínú ètò pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá gé kéèkì, èmi ni máa sọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn á fi gbé ife sókè fún tọkọtaya. Olùdarí ètò fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ohun tí mo sì ti kọ sílẹ̀ kún ojú ìwé mẹ́rin.

Èmi ni àkọ́bí, òun ni àbígbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ìlọta ni màmá wa ń bójú tó lọ́jà, ẹ̀yìn mi ló sì dàgbà sí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń tọ̀ sílé títí ó fi dé kíláàsì kẹta. Mo kọ bí mo ṣe san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo kọ bó ṣe tún òrùlé ilé mi ṣe. Mo tún kọ àdúrà gígùn lórúkọ màmá wa tó ti lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń mú ìyàwó bọ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ á sì pọ̀ níbẹ̀. Ìjọ ECWA ni wa, nítorí náà kò ní sí ọtí líle. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n yọ kúrò? Ṣé mo lè sọ ọ́ ní èdè Ìyàgbà wa, àbí Yorùbá gbogboògbò ni kí n fi sọ ọ́?

Bàbá Máìkì, Ẹ̀gbẹ̀: Ọ̀kún o, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń darí ètò láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kàbà, ọ̀rọ̀ tó gùn jù ni mo fi ń pàdánù àwọn àlejò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ò ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 350 lọ, nítorí pé ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ á jẹ nínú rẹ̀. Má ṣe fi ojú kà á, kà á sókè, kí fóònù máa ka àkókò fún ọ. Ẹni tó bá ń kà á nínú ọkàn, ìṣẹ́jú méjì ló máa rí. Tó bá dé gbọ̀ngàn, á di márùn-ún.

Owó ilé ẹ̀kọ́, yọ ọ́. Bó ti wù kó o fọgbọ́n sọ ọ́ tó, níwájú àna, ìrègún ni wọ́n máa gbọ́. Àwọn tó mọ̀ ti mọ̀. Ní ti títọ̀ sílé, bi ara rẹ bóyá òun fúnra rẹ̀ lè sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ níbi tí bàbá ìyàwó ti ń jẹun. Tí kò bá lè sọ ọ́, kò tọ́ kí ìwọ náà sọ ọ́. Àwọn ọmọ kéékèèké Ògbómọ̀ṣọ́ wọ̀nyẹn ò ní gbàgbé, àwọn ni wọ́n sì máa wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ tọkọtaya náà.

Òrùlé yẹn ló dùn mọ́ mi. O kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni ń sá fún òjò. Sọ ọ́ fún wa dáadáa.

Àǹtí Oge, Kàbà: Ẹ má bínú o, ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ló ń ṣe èyí, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n. Àdúrà ni iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. Wáìnì ló sì yẹ kó wà nínú ife, èyíkéyìí mìíràn ò jọ ọ́. Kí ẹ sì rí i pé nǹkan ti wà nínú ife gbogbo èèyàn kẹ́ ẹ tó la ẹnu.

Bàbá Máìkì, Ẹ̀gbẹ̀: Àǹtí, lóòótọ́ ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ló sábà máa ń ṣe é, àmọ́ kò sófin níbẹ̀. Ẹni tí ìdílé bá fi orúkọ rẹ̀ sínú ètò ni. Sóbò tútù á ṣe é, ẹlẹ́rìndòdò á ṣe é, ìgbésókè yẹn la ń wò. Èyí tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn lẹ gba àmì lé lórí. Mo ti rí ibi tí olóhùn dídùn ti sọ̀rọ̀ tán, tó ní “ẹ gbé ife yín,” tí ìdajì gbọ̀ngàn sì ń wá ẹni tó máa bu ohun mímu fún wọn. Gbogbo adùn ọ̀rọ̀ náà ti fò lọ kí ife tó kún. Ọmọ mi, bá àwọn tó ń gbé oúnjẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n ti bu ohun mímu nígbà tí wọ́n bá ń gé kéèkì.

Ìyá Dókítà, Mọ̀pà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣọ́ra o. Èmi náà dúró ti àbúrò mi bẹ́ẹ̀, mo ra gèlè, mo sọ̀rọ̀, mo sunkún. Títí di òní ìyàwó náà kì í pè mí àfi tó bá fẹ́ béèrè nǹkan. Ṣé kí n lọ bá a nílé ni, àbí kí n fi ẹjọ́ sun bàbá wa?

Olùṣọ́ Ojúde: Ìyá Dókítà, ọ̀rọ̀ tiyín tó ohun tá a lè jókòó lé lórí lọ́tọ̀. Ẹ kọ ọ́ síta fúnra rẹ̀, á rí èsì.

Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Ìyàwó: Ẹ ṣeun, bàbá. Bọ́rọ̀ òrùlé ṣe jẹ́ nìyí. Láti kékeré, àbúrò mi kì í parí nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ ilé ehoro, kò kàn án lórùlé. Ó bẹ̀rẹ̀ gìtá, ó tà á. Lọ́dún kan, ìjì òjò àkọ́rọ̀ ká páànù ilé mi, ọkọ mi sì wà níbi iṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà. Mo pe àbúrò mi ní Àbújá kí n lè rí ẹni tí màá sunkún sí létí, mi ò ní kó wá. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, òun ni mo rí lójúde. Àwọn káfíńtà ṣiṣẹ́, wọ́n ní ó ti tán, wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Ó gun òkè padà, ó ń fọwọ́ wo ìṣó kọ̀ọ̀kan, ó sì rí àwọn tí kò bá igi wọlé, tó jẹ́ pé páànù nìkan ni wọ́n lù já. Ó yọ wọ́n, ó tún wọn kàn kó tó wá jẹun.

Bàbá Máìkì, Ẹ̀gbẹ̀: Ìtàn rèé! Ẹni tó lọ gun òrùlé lẹ́yìn tí káfíńtà ti ní ó tán kì í ṣe ẹni tó fi ilé ehoro sílẹ̀ mọ́. Ìwọ má sọ pé “ó ti dàgbà.” Gbé ehoro kalẹ̀, gbé ìṣó kalẹ̀, wọ́n á rí i fúnra wọn. Ehoro yẹn náà ló máa rọ́pò títọ̀ sílé: wọ́n á fi rẹ́rìn-ín, kò sì ní dójú tì í.

Ṣùgbọ́n níbo ni ìyàwó wà? Gbogbo ohun tó o kọ, ọkùnrin tó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ni mo rí. Mi ò tíì rí ọkọ níbẹ̀. Wá ohun kan tí ojú rẹ rí láàárín àwọn méjèèjì. Má ṣe mú èyí tí wọ́n sọ fún ọ.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Odò-Ẹrẹ̀: Òótọ́ ni bàbá sọ. Kí ìyàwó sì ṣe nǹkan nínú ìtàn náà, kó má kàn jókòó kó máa rẹwà. Mo ti gbọ́ “ó rẹwà, ó bẹ̀rù Ọlọ́run” títí etí mi fi di.

Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Ìyàwó: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo tún un kọ. Ẹ bá mi wò ó:

“Ọ̀kún o, gbogbo ilé! Ẹ̀yin àna wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú ìrìn. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó. Ẹ̀yin ẹ pàdé ọkùnrin tó wọ aṣọ tó dán yìí. Àwa mọ ọmọkùnrin kan tó kan igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ pé òun ń kọ́lé fún ehoro, tó gbọ́ ariwo bọ́ọ̀lù, tí kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Bàbá wa fi igi náà dáná. Ehoro kankan ò débẹ̀.

Lọ́dún tí ìjì ká páànù ilé mi, mo pè é kí n lè sunkún sí i létí. Ó wá. Àwọn káfíńtà ní iṣẹ́ ti parí. Ó ní kí wọ́n bá òun di àkàbà mú. Ó ń fọwọ́ wo ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí àwọn tí kò bá igi, ó tún wọn kàn. Òjò ti rọ̀ lé òrùlé yẹn láìmọye ìgbà. Kò jò.

Ìyàwó wa, lọ́jọ́ Kérésìmesì, o wà ní pálọ̀, o ò gbọ́ èyí. Ọkọ rẹ wọlé wá bá mi ní kíṣìnì, ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó da ata sí i, ẹ bá mi bu tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ata máa ń dà á láàmú nínú.’ Mo bu ú. Nígbà tá a jókòó, inú èyí tí kò láta náà lòun fúnra rẹ̀ ti bu tirẹ̀, òun tó máa ń fi ata gígún jẹ ẹ̀wà! O wò ó, o ò sọ nǹkan kan. O dìde, o lọ sí kíṣìnì, o bu ata wá fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dìde, ẹ mú ife yín. Fún ẹni tó jẹ ohun tí kò láta, àti fún ẹni tó lọ bu ata wá!”

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Odò-Ẹrẹ̀: Mo ti ń rẹ́rìn-ín nìkan nínú yàrá. Má fi nǹkan kan kún un. Àmọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó kọ́kọ́ bóyá ó fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé inú ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ara rẹ̀ ni.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Èmi ará Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí. Ẹ kí wa ní Ọ̀kún, a ó dáhùn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi èdè Ìyàgbà sọ ìtàn òrùlé yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ máa rẹ́rìn-ín, a ó kàn máa wo ẹnu yín ni.

Alàgbà Ìsánlú: Ilé wa ni ìnáwó wà. Àwọn ọmọ wa ò gbọ́ èdè wa mọ́ nítorí pé gbogbo ìgbà la ń yí i pa dà fún àlejò. Sọ ọ́ ní Ìyàgbà, kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀.

Bàbá Máìkì, Ẹ̀gbẹ̀: Alàgbà, ìtumọ̀ á pa ẹ̀rín, á sì sọ ìṣẹ́jú mẹ́ta di mẹ́fà. Tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan tí màmá wọn máa ń sọ kún un, ìyẹn nìkan ni kó fi èdè ilé sọ.

Ohun kan tó kù: onílù. Bó o bá ti dárúkọ àbúrò rẹ, onílù á gbà á lẹ́nu rẹ, àwọn ènìyàn á dìde wá náwó, ọ̀rọ̀ á já. Bá a sọ̀rọ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ pé kó dúró títí ife á fi gòkè. Tó bá ṣì lù ú, dákẹ́, rẹ́rìn-ín, jẹ́ kó lù ú tán. Má ṣe bá a du máìkì.

Àǹtí Oge, Kàbà: Màmá yín ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ wọn rárá. Ìyẹn ò dáa.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Odò-Ẹrẹ̀: Gbólóhùn kan tó. Kó sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ má bàa já nígbà tí ife ti wà lókè.

Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Ìyàwó: Bí mo bá dárúkọ wọn, àbúrò mi ló máa kọ́kọ́ sunkún, mo mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì pinnu lórí ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì pinnu lórí èdè. Mo ti pe ìyàwó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ata náà, ṣùgbọ́n kí n fi kún un pé ata tí òun bu wá kéré jù, àbúrò mi tún dìde lọ bu òmíràn.